Àfojúsùn Títà àti Kọmíṣọ́ọ̀nù Àwọn Òǹtajà Ohun Èlò Oko: Èwo Ni Kí Ilé Iṣẹ́ Kékeré Yàn?

Ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ta irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn koríko ní agbègbè Òkè-Ògùn lè ní òǹtajà mẹ́ta sí márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gun ọ̀kadà láti abúlé dé abúlé. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè méjì ni olówó ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dáhùn: mélòó ni kí òǹtajà kọ̀ọ̀kan tà, kí sì ni yóò gbà bó bá tà á? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé kí a fi díẹ̀ kún ohun tí wọ́n tà lọ́dún tó kọjá, kí a sì san ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà fún ẹni tó tà á. Lójú tèmi, ọ̀nà méjèèjì yìí ló ń jẹ èrè òwò ohun èlò oko run jù lọ, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀nà mìíràn, pẹ̀lú ìṣirò, kí ẹni tó fẹ́ yàn lè fojú ara rẹ̀ rí ibi tí owó ń gbà jáde.

## Àpẹẹrẹ tí a ó máa tẹ̀ lé

Ẹ jẹ́ kí á mú òǹtajà méjì, ọ̀kan ní Ìsẹ́yìn, èkejì ní Ṣakí, kí á wo ohun tí wọ́n tà láti oṣù Kẹta títí dé oṣù Keje. Àwọn iye owó tí mo lò kì í ṣe iye ọjà òní. Mo yàn wọ́n kí ìṣirò lè rọrùn ni, kí olúkúlùkù sì fi iye tirẹ̀ rọ́pò wọn. Àpò ajílẹ̀ kílò 50 ń lọ ní ₦50,000, èrè tó sì kù lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ iye tí a rà á àti owó ọkọ̀ tó gbé e dé ilé ìkẹ́rù jẹ́ ₦2,000. Àpò irúgbìn àgbàdo kílò 10 ń lọ ní ₦40,000, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦6,000. Oògùn koríko lítà kan ń lọ ní ₦8,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,200.

Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí yóò rí i pé èrè ajílẹ̀ jẹ́ ìdá 4 péré nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti irúgbìn àti ti oògùn koríko jẹ́ ìdá 15. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣèèṣì wáyé. NPK 15-15-15 tó wà ní ìsọ̀ wa náà ló wà ní ìsọ̀ ẹnìkejì, àgbẹ̀ mọ iye rẹ̀ dáadáa, ó sì wúwo débi pé owó ọkọ̀ ń gé èrè rẹ̀ kúrú. Irúgbìn yàtọ̀ sí i, nítorí pé àgbẹ̀ tó bá ti rí i tí ó hù dáadáa lóko aládùúgbò rẹ̀ yóò béèrè rẹ̀ ní orúkọ. Ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ló ti ara ìyàtọ̀ yìí wá: ọjà tó ń kó owó tó pọ̀ jù wọlé kọ́ ló ń mú èrè tó pọ̀ jù wá.

## Kọmíṣọ́ọ̀nù lórí owó ọjà, tàbí lórí èrè?

Ohun tí àwọn òǹtajà méjèèjì tà nìyí, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà lábẹ́ ọ̀nà méjì tí a fẹ́ fi wé ara wọn.

| | Ìsẹ́yìn | Ṣakí |
|---|---|---|
| Ajílẹ̀ | àpò 400 | àpò 160 |
| Irúgbìn àgbàdo | àpò 20 | àpò 80 |
| Oògùn koríko | lítà 150 | lítà 500 |
| Gbogbo owó ọjà | ₦22,000,000 | ₦15,200,000 |
| Gbogbo èrè orí ọjà | ₦1,100,000 | ₦1,400,000 |
| Bí kọmíṣọ́ọ̀nù bá jẹ́ ìdá 2 lórí owó ọjà | ₦440,000 | ₦304,000 |
| Bí kọmíṣọ́ọ̀nù bá jẹ́ ìdá 20 lórí èrè | ₦220,000 | ₦280,000 |

Lábẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́, òǹtajà Ìsẹ́yìn, tó mú èrè tó kéré wá, ló gba owó tó pọ̀ jù. Ó gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún èrè tó mú wọlé, nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ gba nǹkan bí ìdá 22. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó sọ̀rọ̀ ní ìparí oṣù, ohun tí ẹni Ṣakí yóò kọ́ níbẹ̀ ni pé kí òun fi irúgbìn sílẹ̀ kí òun máa lé ajílẹ̀, kò sì sí ìkìlọ̀ tàbí ìpàdé tí olówó lè fi yí èrò yẹn padà, nítorí pé ìwé owó rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kejì fi ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó ní èrè síwájú, ó sì dín gbogbo kọmíṣọ́ọ̀nù kù láti ₦744,000 sí ₦500,000.

Ohun kan wà tí a lè sọ fún ọ̀nà àkọ́kọ́: ó rọrùn láti ṣírò, kò sì béèrè pé kí òǹtajà mọ iye tí ilé iṣẹ́ ra ọjà. Fún ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà kan ṣoṣo, tàbí tí èrè àwọn ọjà rẹ̀ kò jìnnà síra, kò sí ìdí láti wá òmíràn. Àmọ́ níbi tí ajílẹ̀ àti irúgbìn bá ti jọ wà lórí ọ̀kadà kan náà, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó.

Ọ̀pọ̀ olówó ilé iṣẹ́ ni yóò sọ pé àwọn kò lè fi iye tí àwọn ra ọjà han òǹtajà, ọ̀rọ̀ náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé òǹtajà òní lè di ọlọ́jà lọ́la. Ọ̀nà kẹta wà fún irú wọn: kí a yí ìdá orí èrè padà sí iye owó kan pàtó lórí ẹyọ ọjà kọ̀ọ̀kan. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdá 20 nínú èrè jẹ́ ₦400 lórí àpò ajílẹ̀, ₦1,200 lórí àpò irúgbìn, àti ₦240 lórí lítà oògùn. Olówó ló mọ bí ó ṣe rí àwọn iye náà. Òǹtajà kò nílò ju kí ó ka àpò. Bí ó bá sọ ọjà kalẹ̀ ní abúlé tán, ó ti mọ ohun tó wọ àpò òun kó tó gun ọ̀kadà padà, èyí tí ìdá orí èrè kò lè fún un. Èmi yóò yan èyí fún ilé iṣẹ́ kékeré, pẹ̀lú ìlànà kan tí mo fẹ́ ṣàlàyé báyìí.

Ìlànà náà jẹ mọ́ ẹ̀dínwó. Ká ní òǹtajà ní àṣẹ láti gé owó, tí àgbẹ̀ sì ní kí ó yọ ₦1,000 kúrò lórí àpò ajílẹ̀. Lábẹ́ ìdá 2 orí owó ọjà, kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ yóò wálẹ̀ láti ₦1,000 sí ₦980. Òun pàdánù ₦20, ilé iṣẹ́ pàdánù ₦1,000, ìyẹn ìdajì gbogbo èrè orí àpò náà. Ẹni tó bá fi ara rẹ̀ sí ipò rẹ̀ yóò gé e, yóò sì wá oníbàárà mìíràn. Lábẹ́ ìdá 20 orí èrè, kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ yóò wálẹ̀ láti ₦400 sí ₦200, ìyẹn ni pé òun pẹ̀lú pàdánù ìdajì tirẹ̀, yóò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lábẹ́ iye pàtó orí ẹyọ, kò ní pàdánù ohunkóhun rárá, ibẹ̀ sì ni àléébù ọ̀nà kẹta yìí wà. Ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ kọ iye tó kéré jù tí a lè ta ọjà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ó sì sọ pé ẹ̀dínwó èyíkéyìí tó bá kọjá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹnu olówó fúnra rẹ̀, lórí fóònù, kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́.

## Sísan nígbà tí ọjà bá jáde, tàbí nígbà tí owó bá wọlé?

Àwìn ni ọ̀rọ̀ tó le jù nínú òwò yìí, nítorí pé àgbẹ̀ nílò ohun èlò ní ìgbà tí kò ní owó lọ́wọ́, ó sì ń ní owó lọ́wọ́ ní ìgbà tí kò nílò ohun èlò. Òǹtajà tó ń gba kọmíṣọ́ọ̀nù ní ọjọ́ tí ọjà jáde kò ní ìdí kankan láti béèrè bóyá oníbàárà yóò san. Ẹni tó ń gbà á nígbà tí owó wọlé ní ìdí yẹn. Títí dé ibí yìí, gbogbo ènìyàn ló gbà pé ti ìkejì dára jù. Ohun tí a kì í sábà ṣe ni kí a ṣírò iye ọjọ́ tí ọjà kọ̀ọ̀kan lè dúró lórí àwìn kí èrè rẹ̀ tó tán.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe é. Ní oṣù Kọkànlá 2024, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìpìlẹ̀ èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, owó tí oníṣòwò ń yá ní báńkì sì máa ń ga ju ìpìlẹ̀ yẹn lọ. Ká fi ìdá 30 lọ́dún ṣe ìṣirò wa, ìyẹn ìdá 2.5 lóṣù. Àpò ajílẹ̀ tó ná wa ní ₦48,000 yóò jẹ èlé ₦1,200 lóṣù kọ̀ọ̀kan. Èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦2,000. Ní ọjọ́ àádọ́ta, èrè náà ti tán pátápátá, ọjọ́ tó bá tẹ̀ lé e sì ti di àdánù. Àpò irúgbìn tó ná wa ní ₦34,000 ń jẹ ₦850 lóṣù. Bí àgbẹ̀ bá fi oṣù mẹ́rin jẹ wá ní gbèsè, tó sì san án nígbà ìkórè, ₦2,600 ṣì kù nínú ₦6,000. Oògùn koríko náà rí bẹ́ẹ̀: nínú èrè ₦1,200, ₦680 ni oṣù mẹ́rin yóò jẹ.

Nítorí náà, kò bọ́gbọ́n mu láti ní òfin àwìn kan fún gbogbo ọjà. Irúgbìn àti oògùn lè dúró de ìkórè. Ajílẹ̀ kò lè dúró. Òfin kọmíṣọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà. Lórí ajílẹ̀, kí òǹtajà gba ₦400 ní kíkún bí owó bá wọlé láàárín 30 ọjọ́, kí ó gba ₦200 bí ó bá wọlé láàárín ọjọ́ 31 sí 60, kí ó má sì gba nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn. Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí a fi fún un ní ohunkóhun lẹ́yìn ọjọ́ 30 nígbà tí èrè ti ń tán lọ. Ìdí ni pé bí a bá fi í sílẹ̀ láìní ohun tí yóò gbà, yóò pa gbèsè náà tì, yóò sì máa wá oníbàárà tuntun. Lórí irúgbìn àti oògùn, kí ó gba kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ ní kíkún bí owó bá wọlé láàárín 120 ọjọ́, àmọ́ kí a san ìdá 30 nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà jáde, kí ìyókù dúró de owó. Ìdá 30 yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ni epo bẹntiróòlù ń gbọ́n owó jù lọ́wọ́ òǹtajà, òun náà kò sì lè jẹ ìkórè tí kò tíì dé.

Ẹ wo bí èyí ṣe kan ẹni Ìsẹ́yìn. Ká ní ó fi àwìn gbé àpò ajílẹ̀ 150 jáde nínú 400 rẹ̀, tí owó àpò 100 wọlé láàárín 30 ọjọ́, tí 50 tó kù sì dúró de oṣù Kẹjọ, ìyẹn oṣù mẹ́ta. Èrè orí àpò 50 náà jẹ́ ₦100,000, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦180,000, a sì ti pàdánù ₦80,000 kí a tó san kọmíṣọ́ọ̀nù rárá. Lábẹ́ sísan lọ́jọ́ tí ọjà jáde, a ó tún fi ₦20,000 lé àdánù yẹn láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ òfin tuntun, kò ní gba nǹkan kan lórí àádọ́ta àpò yẹn. Láti ìgbà tó bá ti mọ èyí ní oṣù Kẹrin, yóò sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé owó lọ́wọ́ ni ajílẹ̀, yóò sì fi àwìn irúgbìn tù wọ́n nínú.

Ohun tó lè ba gbogbo èyí jẹ́ ni kí òǹtajà máa gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí ó sì pè é ní gbèsè tí kò tíì san. Ó máa ń hàn nígbà tí orúkọ kan náà bá wà nínú ìwé gbèsè fún ìgbà pípẹ́, tí òǹtajà náà kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn dé abúlé yẹn. Kí owó máa lọ tààrà sí àkáǹtì ilé iṣẹ́, kí rìsíìtì máa tẹ̀ lé e, kí olówó fúnra rẹ̀ sì máa pe díẹ̀ lára àwọn tó jẹ gbèsè lóṣooṣù láti béèrè iye tó kù lọ́rùn wọn. Ìpè náà kò nílò ìbínú tàbí ìhalẹ̀. Ìkíni àti ìbéèrè kan tó.

## Àfojúsùn: láti inú ìwé ọdún tó kọjá, ní ìpín dọ́gba, tàbí láti inú oko?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti pinnu iye tí òǹtajà gbọ́dọ̀ tà. Ìpín dọ́gba ló yá jù: kí a pín ohun tí ilé iṣẹ́ fẹ́ tà sí ọ̀nà mẹ́rin fún òǹtajà mẹ́rin. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ kò dọ́gba, ọ̀nà kò dọ́gba, ẹni tí agbègbè rẹ̀ kún fún ẹ̀gẹ́ kò lè ta irúgbìn àgbàdo bí ẹni tí àgbàdo yí ká.

Ìwé ọdún tó kọjá dára jù ú lọ, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn méjì nínú. Ẹ̀tàn kìíní wà nínú owó fúnra rẹ̀. Bí àpò ajílẹ̀ bá ti kúrò ní ₦40,000 dé ₦50,000, òǹtajà tó ta iye àpò kan náà yóò fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó kọjá lọ nínú ìwé, yóò sì gba ìyìn fún ohun tí kò ṣe. Bí iye bá wálẹ̀, a ó bá ẹni tó ṣiṣẹ́ kára wí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àfojúsùn jẹ́ àpò àti lítà, kí ó má jẹ́ náírà. Ẹ̀tàn kejì ni pé ó ń fìyà jẹ ẹni tó ṣe dáadáa. Ẹni tó ta àpò irúgbìn 80 lọ́dún yìí yóò bá 100 pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó ta 20 yóò bá 25 pàdé. Kò pẹ́ tí àwọn òǹtajà yóò fi mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú kí a tọ́jú díẹ̀ nínú títà pamọ́.

Ọ̀nà kẹta bẹ̀rẹ̀ láti orí éékà tó wà ní agbègbè náà. Ó gba iṣẹ́ púpọ̀ jù, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù Kejì, àmọ́ òun nìkan ló lè dáhùn bí òǹtajà bá béèrè pé, “Ọ̀gá, ibo ni ẹ ti rí iye yìí?” Ẹ jẹ́ kí á ṣe ti Ṣakí. Òǹtajà ibẹ̀ mọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ọmọ ẹgbẹ́ 25, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń gbin nǹkan bí éékà àgbàdo mẹ́ta. Éékà 750 nìyẹn. A béèrè lọ́wọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́, wọ́n sì sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń ra irúgbìn, tí ìyókù ń gbin èyí tí wọ́n tọ́jú láti inú ìkórè. Irúgbìn àgbàdo kílò 20 ló ń lọ sórí hẹ́kítà kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bí kílò 8 lórí éékà. Éékà 187 yóò gba nǹkan bí kílò 1,500, ìyẹn àpò 150. Bí a bá gbà pé ìdajì wọn yóò rà á lọ́wọ́ wa, àfojúsùn irúgbìn jẹ́ àpò 75.

Fún ajílẹ̀, ká ní ìdá kan nínú mẹ́ta éékà náà ló ń rí ajílẹ̀ gidi, tí wọ́n ń lo àpò NPK méjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó hù àti àpò yúríà kan bí ó bá fẹ́ yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Èyí jẹ́ àpò 750. Àwọn tó ń tà á pọ̀, ìjọba náà sì máa ń pín in nígbà mìíràn, nítorí náà ká retí ìdá kan nínú márùn-ún, àpò 150. Oògùn koríko yàtọ̀, nítorí pé fẹ́rẹ̀ẹ́ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ń lò ó. Lítà méjì lórí éékà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,500, ìdá kan nínú mẹ́ta sì jẹ́ lítà 500. Kò sí ìkankan nínú àwọn ìdá wọ̀nyí tó jẹ́ òtítọ́ pátápátá. Àǹfààní wọn ni pé bí títà bá yàtọ̀ sí àfojúsùn, a lè rí ibi tí a ti ṣìnà: bóyá éékà kò tó bẹ́ẹ̀, tàbí àwọn tó ń ra irúgbìn ló dín kù, tàbí ẹlòmíràn ló gba oníbàárà wa. Ìwé ọdún tó kọjá kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Kí òǹtajà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe ìṣirò yìí. Yóò fẹ́ kí iye éékà kéré, olówó yóò fẹ́ kí ó pọ̀, ìpàdé àwọn olórí ẹgbẹ́ ni yóò sì là wọ́n.

## Lóṣooṣù, tàbí ní àsìkò?

Bí a bá pín àfojúsùn ọdún sí ọ̀nà 12 tó dọ́gba, òǹtajà yóò kùnà ní oṣù Kìíní láìṣẹ̀, yóò sì yege ní oṣù Karùn-ún láìlàágùn. Kí àsìkò òjò àkọ́kọ́ jẹ́ odidi kan, láti oṣù Kẹta dé Keje, kí a pín in gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ oko ṣe ń lọ: bí àpẹẹrẹ, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kẹta, 30 ní Kẹrin, 30 ní Karùn-ún, 15 ní Kẹfà, 10 ní Keje. Àsìkò kejì yóò ní tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àjọ NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún náà jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n retí pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní òjò yóò pẹ́, kí a sún ìdá oṣù síwájú kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ lẹ́yìn tí òǹtajà ti kùnà tán.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni bóyá kí owó wà fún àfojúsùn nìkan, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àpò àkọ́kọ́. Àwọn kan máa ń sọ pé bí òǹtajà kò bá pé 100 nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní gba nǹkan kan. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹni tó bá rí i pé òun kò lè dé ibẹ̀ mọ́ yóò jókòó sílé, ẹni tó bá ku díẹ̀ fún yóò lọ bá ọlọ́jà ìsọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó bá òun gbé ogún àpò, kí ó dá a padà bí ó bá yá. A lè mọ̀ bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀: títà á rọ́ jọ sí ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù, ọjà á máa padà wá ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e, àpò ajílẹ̀ á sì kún ìsọ̀ ọlọ́jà náà nígbà tí àgbẹ̀ kò rà á. Ti irúgbìn burú jù, nítorí pé irúgbìn tó bá jókòó nínú ìsọ̀ gbígbóná kò ní hù bí ó ṣe yẹ lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo fara mọ́ kí owó bẹ̀rẹ̀ láti orí àpò àkọ́kọ́, kí ó sì gòkè lẹ́yìn àfojúsùn. Ẹni Ṣakí tó ní àfojúsùn àpò irúgbìn 75 yóò gba ₦1,200 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé 75, yóò sì gba ₦1,800 lórí àpò márùn-ún tó lé. Iye gíga náà jẹ́ ìdá 30 nínú èrè, ilé iṣẹ́ sì lè san án, torí pé owó oṣù àti owó epo òǹtajà náà ti jáde láti ara àwọn àpò àkọ́kọ́. Kí a má fi òpin sí ohun tí ẹnìkan lè gbà. Ọjà tí a bá dá padà yóò yọ kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ kúrò, àyàfi bí irúgbìn bá kọ̀ láti hù. Ẹ̀bi ẹni tó ṣe irúgbìn ni ìyẹn, kò yẹ kí òǹtajà san án.

## Owó oṣù pẹ̀lú kọmíṣọ́ọ̀nù, tàbí kọmíṣọ́ọ̀nù nìkan?

Òfin owó oṣù tó kéré jù ti 2024, tó gbé e dé ₦70,000, kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gba òǹtajà lórí kọmíṣọ́ọ̀nù nìkan. Ó dára fún olówó ní oṣù Kìíní, nígbà tí kò sí ẹni tó ń rà. Àmọ́ òǹtajà bẹ́ẹ̀ kò ní lọ ka éékà ní oṣù Kejì, kò ní padà lọ wo bí irúgbìn ṣe hù, yóò sì gbé ọjà ẹlòmíràn mọ́ tiwa. Èyí tó ṣeéṣe kí ó léwu jù ni pé kò ní lè kọ oògùn tí kò yẹ. Àjọ NAFDAC fòfin de párákúáàtì láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024, síbẹ̀ àgbẹ̀ ṣì ń béèrè rẹ̀, ẹni tí kò ní owó oṣù kankan ni yóò kọ́kọ́ wá a kiri.

Bí a bá san ₦80,000 lóṣù, pẹ̀lú ₦30,000 fún epo àti àtúnṣe ọ̀kadà, oṣù márùn-ún jẹ́ ₦550,000. Fún ẹni Ṣakí, tí kọmíṣọ́ọ̀nù ₦280,000 bá wọ̀ ọ́, ó jẹ́ ₦830,000 nínú èrè ₦1,400,000, nǹkan bí ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ẹni Ìsẹ́yìn, ó jẹ́ ₦770,000 nínú ₦1,100,000, ìdá 70. Bí a bá ti ń san ìdá 2 lórí owó ọjà fún un ni, ì bá jẹ́ ₦990,000, ìdá 90, ₦110,000 péré ni ì bá sì kù fún owó ìsọ̀, ẹ̀ṣọ́ àti gbèsè tó di òkú. Ìdá 60 ni mo máa ń fi ṣe ààlà. Ẹni Ìsẹ́yìn kọjá rẹ̀, ọ̀nà láti mú un wálẹ̀ kì í sì í ṣe kí a gé owó oṣù rẹ̀, bí kò ṣe kí ó ta irúgbìn àti oògùn púpọ̀ sí i. Bí ó bá fi àpò irúgbìn 20 àti lítà oògùn 150 kún tirẹ̀, èrè rẹ̀ yóò di ₦1,400,000, kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ yóò di ₦280,000, òun náà yóò sì wọ inú ààlà.

Ilé iṣẹ́ tó bá ti ń san ìdá orí owó ọjà tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ yí i padà ní àárín àsìkò. Ẹni Ìsẹ́yìn yóò rí i pé owó òun fẹ́ wálẹ̀ láti ₦440,000 sí ₦220,000, yóò sì lọ. Kí a sọ fún un ní oṣù Kejìlá, kí a fi ìṣirò rẹ̀ hàn án lórí ìwé, kí a sì ṣèlérí pé ní àsìkò àkọ́kọ́ nìkan, a ó san ìdajì ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ọ̀nà àtijọ́ àti tuntun. Bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ ₦220,000, ₦110,000 ni ilé iṣẹ́ yóò fi kún un, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìparí oṣù Keje, lẹ́yìn tí ìwé gbèsè bá ti pé.